"Ṣé Ẹ Máa Ṣí Lọ́la?": Bí Onísọ̀ Ṣe Lè Kéde Aago Tuntun àti Ìsinmi Ọdún Kó Yé Oníbàárà

Bí ọdún bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè kan ló máa ń gba ẹnu àwọn oníbàárà kan: "Ṣé ẹ máa ṣí lọ́la?" Ẹni tó fẹ́ ra tòlótòló, ẹni tó fẹ́ rọ gáàsì, ẹni tí aṣọ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ aránṣọ, gbogbo wọn ló fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn á bá ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí bí àwọn bá wọkọ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí onísọ̀ fi ń lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà, tó sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í dáhùn ìbéèrè tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́. Ìkíni á wà níbẹ̀, àdúrà á wà níbẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti lọ fún ìsinmi ọdún, ṣùgbọ́n kò ní sí ọjọ́ tí wọ́n máa padà ṣí. Oníbàárà tó ka irú rẹ̀ tán ṣì máa ní láti tẹ̀ wọ́n láago.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù kan ṣe àpẹẹrẹ, ká sì bá a kọ ìkéde tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ká ní obìnrin kan ń ta ẹja, adìẹ àti tòlótòló inú fírísà ní àdúgbò Bódìjà n'Ìbàdàn. Aago 8 àárọ̀ ló ń ṣí, aago 8 alẹ́ ló ń palẹ̀ mọ́, láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta. Kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ó ti rí i pé láàárọ̀ kùtùkùtù àti lálẹ́, oníbàárà kì í pọ̀, bẹ́ẹ̀ owó epo jẹnẹrétọ̀ kì í dín. Àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ sì ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa ṣí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ó wá pinnu láti yí aago padà bí ọdún 2027 bá bẹ̀rẹ̀: aago 9 àárọ̀ sí aago 7 alẹ́ láti Ajé dé Àbámẹ́ta, aago 2 ọ̀sán sí aago 6 ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, ó tún fẹ́ sinmi díẹ̀ nígbà Kérésìmesì àti nígbà ọdún tuntun.

Ìròyìn méjì ni

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó mọ̀ ni pé ìròyìn méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìsinmi ọdún máa kọjá lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Aago tuntun ní tirẹ̀ á wà níbẹ̀ títí di ìgbà tó bá tún yí i padà. Bí ó bá da méjèèjì pọ̀ sínú gbólóhùn kan, oríṣi àṣìṣe méjì ló máa tẹ̀ lé e. Àwọn kan á rò pé aago 7 alẹ́ tí wọ́n kà yẹn, ti ọ̀sẹ̀ ọdún nìkan ni, wọ́n á sì tún máa wá ní aago 7 ààbọ̀ nínú oṣù Kejì. Àwọn mìíràn á rò pé aago tuntun ti bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì jókòó sílé títí di aago 9 lọ́sẹ̀ Kérésìmesì, nígbà tó jẹ́ pé aago 8 ló ṣì ń ṣí.

Nítorí náà, ìsinmi á ní abala tirẹ̀ lókè ìwé, nítorí òun ló kọ́kọ́ ń bọ̀. Aago tuntun á wà nísàlẹ̀, tòun ti ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀. Ó tún dára kó kọ aago àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tuntun. Oníbàárà tó ti ń wá láti ọdún márùn-ún kì í ka aago mọ́, ó ti mọ́ ọn lára. Bí ó bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé "aago 9 dípò aago 8", ojú rẹ̀ á dúró lórí i, á sì mọ ohun tó yí padà gan-an. Bí ó bá rí "aago 9 sí aago 7" lásán, ó lè kọjá lọ láì fura pé ohunkóhun yàtọ̀.

Ìdí tí aago fi yí padà kò gbà ju gbólóhùn kan lọ. "Kí á lè máa ṣí lọ́jọ́ Àìkú fún yín" ti tó. Kò sí oníbàárà tó fẹ́ ka ìṣirò owó epo lẹ́nu ọ̀nà ẹlẹ́ja.

Ọjọ́ wo gan-an?

Ibi tí ìkéde ti sábà máa ń rú èèyàn lójú nìyí. Ká ní obìnrin yìí kọ ọ́ pé, "A ó wà ní ìsinmi títí di ọjọ́ 4 oṣù Kìíní." Ṣé ọjọ́ 4 wà lára ìsinmi ni, àbí ọjọ́ 4 ló máa ṣí? Ìdajì àwọn tó kà á á ní ọjọ́ 4, ìdajì á ní ọjọ́ 5, kò sì sí èyí tó jẹ̀bi nínú wọn. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò le: kó dárúkọ gbogbo ọjọ́ tí kò ní ṣí, kó sì wá kọ ọjọ́ àti aago tó máa padà ṣí sí ìlà tirẹ̀.

"Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta" àti "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" náà burú lórí ìwé. Lọ́nà kìíní, ẹni tó ń kà á kò mọ ọjọ́ tí wọ́n lẹ ìwé náà. Lọ́nà kejì, àwa Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ iye ọjọ́. Bí a bá wà lọ́jọ́ Ajé tí ìyá àgbà ní "ìjọ kẹjọ òní", Ajé tó ń bọ̀ ló ń wí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń fi ìṣirò ilé ìwé kà á lè fi mẹ́jọ kún ọjọ́ Ajé, kó sì wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lẹ́nu, èèyàn lè béèrè kí wọ́n tún un ṣe fún òun. Ìwé ara ìlẹ̀kùn kò lè dá èèyàn lóhùn, torí náà ó gbọ́dọ̀ sọ orúkọ ọjọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ nínú oṣù: "Ajé 28", "Ẹtì 1". Bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀kan nínú méjèèjì mọ̀, èkejì á tọ́ ọ sọ́nà. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí onísọ̀ fi kàlẹ́ńdà yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lẹ̀ ẹ́, nítorí ìkéde tó bá pe ọjọ́ 28 ní Ìṣẹ́gun nígbà tó jẹ́ Ajé burú ju èyí tí kò sọ nǹkan kan lọ.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi ìjọba náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2026, Kérésìmesì bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì rẹ̀ tó jẹ́ ìsinmi ìjọba sì bọ́ sí Àbámẹ́ta. Bí ìsinmi bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ báyìí, ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń fi ọjọ́ Ajé dípò rẹ̀. Oníbàárà tó bá gbọ́ lórí rédíò pé Ajé 28 jẹ́ ìsinmi á rò pé ṣọ́ọ̀bù náà wà ní títì. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí fẹ́ ṣí lọ́jọ́ náà, torí pé àwọn tó ń palẹ̀mọ́ fún ọdún tuntun máa nílò ẹran. Kò gbọdọ̀ dúró de ìkéde ìjọba. Kó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìsinmi ìjọba wà o, kò sí o, òun á ṣí.

Ọdún tó ń dúró de oṣù

Kérésìmesì kì í kúrò ní ọjọ́ 25, ọdún tuntun kì í kúrò ní ọjọ́ 1. Ìtúnu Ààwẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Ràmàdáánì lè jẹ́ ọjọ́ 29, ó sì lè pé 30. Alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n máa ń wo ojú ọ̀run. Bí wọ́n bá rí oṣù, Sultan Ṣókótó á kéde pé ọ̀la ni ọdún. Bí wọn ò bá rí i, ọ̀túnla ni. Ìyẹn ni pé onísọ̀ ò ní mọ ọjọ́ náà dájú títí ilẹ̀ á fi ṣú lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 fi èyí hàn. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde Ìṣẹ́gun 9 àti Ọjọ́rú 10 gẹ́gẹ́ bí ìsinmi. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, wọn ò rí oṣù, ọdún wá bọ́ sí Ọjọ́rú 10, ìjọba sì fi Ọjọ́bọ̀ 11 kún ìsinmi náà. Onísọ̀ tó ti lẹ ìwé pé "Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú la ò ní ṣí, Ọjọ́bọ̀ la máa padà" ti fi ọjọ́ títà tó dára jù lọ ṣòfò, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú ọdún. Ó sì tún ti ṣèlérí láti ṣí ní ọjọ́ kejì ọdún, nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nílé lọ́dọ̀ ẹbí wọn.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí onísọ̀ kọ ọjọ́ méjèèjì tó ṣeé ṣe. Ká ní alẹ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa wo oṣù. Ìkéde rẹ̀ lè lọ báyìí: "Bí wọ́n bá rí oṣù lálẹ́ Ìṣẹ́gun, a ò ní ṣí ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, a ó padà ṣí lọ́jọ́ Ẹtì. Bí wọn ò bá rí i, a ó ṣí ní Ọjọ́rú títí di aago 4 ìrọ̀lẹ́, a ò ní ṣí ní Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, a ó padà ṣí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta." Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa tún pè é láago mọ́. Bí ìkéde oṣù bá ti jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, kó fi bírò dúdú fagi lé èyí tí kò ṣẹ lára ìwé náà, ọ̀rọ̀ parí.

Iléyá rọrùn ju ìyẹn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù ló ń dá òun náà. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Súlíhíjà ni Iléyá, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà ni wọ́n sì ń wò. Láti alẹ́ tí wọ́n bá ti rí i ni gbogbo ayé ti mọ ọjọ́ ọdún, bí ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú. Nítorí náà, kò sí ìdí láti kọ "bí wọ́n bá rí oṣù" fún Iléyá. Kí onísọ̀ kàn mú sùúrù títí wọ́n á fi kéde ọjọ́ kìíní oṣù náà, kó tó lẹ ìwé tirẹ̀.

Bí ìkéde náà ṣe máa rí

Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ kó lè yá mọ́ èèyàn. Yorùbá kì í sọ̀rọ̀ láì kíni, ìkíni sì gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ìlà kan ti tó lókè, kí àdúrà wà nísàlẹ̀. Ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì gbọ́dọ̀ lè rí ọjọ́ àti aago kó tó kọjá. Ohun tó ń jẹ́ kí ìkéde yá mọ́ èèyàn jù ni pé onísọ̀ ro ohun tí oníbàárà máa nílò kó tó ti ìlẹ̀kùn. Fún ẹlẹ́ja yìí, ohun náà ni ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tí èèyàn lè sanwó tòlótòló sílẹ̀. Bí ọ̀dọ̀ alágbàtà tó ń gbé ọjà fún un bá ti palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú 23, Ìṣẹ́gun 22 ni kó gba owó kẹ́yìn. Bí kò bá kọ ìyẹn, àwọn kan á wá ní aago 3 ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, wọ́n á bá ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní bá ohun tí wọ́n wá rà.

Ohun kan wà tí kò yẹ kó kọ. Kò gbọdọ̀ sọ pé òun ti rìnrìn àjò lọ sí ìlú òun, tàbí pé kò ní sí ẹnikẹ́ni nínú ọgbà fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn olè náà mọ̀wé kà. "A ò ní ṣí" ti tó.

Èyí ni ìkéde náà lódindi:

> Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún.
>
> ÌSINMI ỌDÚN
> Ọjọ́bọ̀ 24 oṣù Kejìlá: aago 8 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́.
> Ẹtì 25, Àbámẹ́ta 26, Àìkú 27: a ò ní ṣí.
> Ajé 28, Ìṣẹ́gun 29, Ọjọ́rú 30: aago 8 àárọ̀ sí aago 8 alẹ́, ìsinmi ìjọba ì báà wà.
> Ọjọ́bọ̀ 31: aago 8 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán.
> Ẹtì 1, Àbámẹ́ta 2, Àìkú 3 oṣù Kìíní 2027: a ò ní ṣí.
> A ó padà ṣí lọ́jọ́ Ajé 4 oṣù Kìíní, aago 9 àárọ̀.
>
> AAGO TUNTUN, láti Ajé 4 oṣù Kìíní 2027 lọ
> Ajé dé Àbámẹ́ta: aago 9 àárọ̀ sí aago 7 alẹ́, dípò aago 8 sí aago 8.
> Àìkú: aago 2 ọ̀sán sí aago 6 ìrọ̀lẹ́. Tẹ́lẹ̀, a kì í ṣí.
> A ṣe é bẹ́ẹ̀ kí á lè máa ṣí lọ́jọ́ Àìkú fún yín.
>
> Ẹni tó bá fẹ́ tòlótòló tàbí odindi adìẹ, Ìṣẹ́gun 22 oṣù Kejìlá la ó gba owó kẹ́yìn.
> Ẹ ṣeun tí ẹ ń bá wa rà. Ọdún á yabo fún gbogbo wa o.

Ibi tí ìkéde ń gbà sọ nù

Ìkéde tó dára lè má dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlẹ̀kùn gíláàsì. Títí wọ́n fi wà níbẹ̀, gbogbo èèyàn ń rí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá tì, wọ́n á fa ìlẹ̀kùn onírin bò ó, ọjọ́ tí oníbàárà nílò ìwé náà jù ló sì pamọ́ sẹ́yìn irin. Ẹ̀dà méjì ló yẹ kó wà: ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ti ń gbowó, èkejì lórí irin náà níta. Kí wọ́n kó ti ìta sínú ọ̀rá, kí wọ́n sì so ó mọ́ irin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ọyẹ́ oṣù Kejìlá kì í jẹ́ kí sẹ́lótéèpù dì mọ́ nǹkan pẹ́.

Lórí fóònù, ohun mẹ́ta ló yẹ kí onísọ̀ mọ̀ nípa WhatsApp. "Status" kì í ju wákàtí 24 lọ kó tó pòórá, torí náà ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Kó gbé e síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó tún un ṣe nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, kó sì tún un ṣe lọ́jọ́ tó fẹ́ tì. Èkejì ni "Broadcast": àwọn tó bá ti fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ sórí fóònù tiwọn nìkan ló máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó lè rò pé òun ti ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà, kí ọ̀pọ̀ nínú wọn má sì rí i. Ẹ̀kẹta wà fún ẹni tó ń lo WhatsApp Business. "Away message" inú rẹ̀ lè máa dá àwọn tó bá kọ̀wé lóhùn nígbà ìsinmi, bí ó bá yan "Custom schedule" tó sì fi ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin sí i. Bí ó bá yan "Always send" tó sì gbàgbé rẹ̀, á ṣì máa sọ fún èèyàn lọ́jọ́ 10 oṣù Kìíní pé òun wà ní ìsinmi. Ṣọ́ọ̀bù tó bá wà lórí Google Maps náà ní ibi tí wọ́n ń pè ní "Special hours", níbi tí onísọ̀ ti lè kọ aago ọjọ́ ọdún láì fọwọ́ kan aago ojoojúmọ́.

Àwọn tí kò mọ̀wé kà tún ńkọ́? Fún wọn, ohùn ló dára jù. Bí obìnrin yìí bá fi ohùn ara rẹ̀ ka ìkéde náà ní Yorùbá sórí WhatsApp, tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, àwọn ìyá àgbà á gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ bí wọ́n bá ń fún oníbàárà ní ṣéńjì: "Mà, Ọjọ́bọ̀ la máa tì o, aago 4. Ajé 28 la máa padà ṣí." Kí gbogbo wọn sọ ohun kan náà, nítorí bí ọ̀kan bá ní aago 4 tí èkejì ní aago 5, ìwé ara ìlẹ̀kùn ti di asán.

Kó tó lẹ ìwé náà rárá, kó fi han ẹnì kan tí kò sí níbi tí wọ́n ti kọ ọ́, bóyá aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta búrẹ́dì, kó sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Lọ́jọ́ Ajé 28, ṣé a máa ṣí? Lọ́jọ́ 31, bí mo bá dé ní aago 3, ṣé mo máa bá yín? Nínú oṣù Kejì, aago mélòó lẹ máa ń tì? Bí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láì ronú, ìkéde náà ti ṣe é lẹ̀. Bí ó bá dúró ronú lórí ọ̀kan, ìlà yẹn ló yẹ kí wọ́n tún kọ. Nígbà tí Ajé 4 bá sì dé, kí wọ́n tó gbé fírísà ṣí, kí wọ́n gé abala ìsinmi kúrò lára ìwé náà, kí wọ́n fi abala aago tuntun sílẹ̀ títí gbogbo oníbàárà á fi mọ̀ ọ́n.